Oògùn tí ó ń tú búrèkì sẹ́ẹ̀lì T, àti ìgbẹ́ gbuuru tí ó máa ń tẹ̀lé e

Ṣé oògùn yìí ló ń pa jẹjẹrẹ náà?

Rárá. Sẹ́ẹ̀lì T inú ara yín, àwọn ọmọ ogun tí ń gbèjà ara, ló ń pa á. Sẹ́ẹ̀lì yìí ní búrèkì kan lára tí a ń pè ní PD-1, tí ara fi ń dá ìjà dúró kí ó má baà kọjá ààlà. Ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ máa ń yọ èròjà kan tí a ń pè ní PD-L1 síta láti tẹ búrèkì náà, kí sẹ́ẹ̀lì T lè fi wọ́n sílẹ̀. Pẹmbrolisumábù, ọ̀kan lára àwọn oògùn tí ń tú búrèkì yìí, máa ń lẹ̀ mọ́ PD-1, kò sì ní jẹ́ kí PD-L1 rí i tẹ̀ mọ́.

Awọ ara ń yún mi díẹ̀.

Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì yín. Ìpara ló sábà máa ń tó.

Èyí kì í ṣe kímò, kí ló dé tí mo ń ṣu gbuuru?

Mo ti dáhùn èyí títí ó fi sú mi. Oògùn náà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín sẹ́ẹ̀lì T tí ó dojú kọ jẹjẹrẹ àti èyí tí ó ń gbé nínú ìfun, níbi tí búrèkì kò jẹ́ kí ó bá àwọn kòkòrò tí kò ṣe wá ní ibi jà; nígbà tí búrèkì bá tú, ìfun fúnra rẹ̀ a di ojú ogun. Bí ẹ bá fi ìgbà mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣu ju bí ẹ ti máa ń ṣe lóòjọ́, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, ẹ pè wá lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, bàbá kan tí ó ní jẹjẹrẹ awọ ara gba ipilimumábù pẹ̀lú nifolumábù, oògùn tí ń tú búrèkì ni àwọn méjèèjì. Ní ọ̀sẹ̀ keje ó ń ṣu ní ìgbà mẹ́jọ lóòjọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ márùn-ún ló fi ń lo oògùn tí ó ń dá ìgbẹ́ dúró, tí ó sì dákẹ́. Oògùn yẹn kàn bo èéfín mọ́lẹ̀ ni, iná ń jó nísàlẹ̀. A yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò pé kì í ṣe àkóràn, dókítà sì fún un ní sítẹ́rọ́ìdì. Ọjọ́ kẹta, ara tù ú. Ọjọ́ kẹwàá, ó dá oògùn dúró fúnra rẹ̀, nítorí pé ara rẹ̀ ti yá. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó padà wá, ìgbẹ́ náà sì burú ju ti àkọ́kọ́.

Mo bá a jókòó, mo ṣàlàyé fún un pé sítẹ́rọ́ìdì kò yọ oògùn búrèkì kúrò, ó kàn ń dá ìjà dúró ni. Oògùn tí ó ti lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì T lè wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni a fi ń dín sítẹ́rọ́ìdì kù, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ó kéré tán. Lẹ́ẹ̀kejì yìí sítẹ́rọ́ìdì nìkan kò ká a, àfi ìgbà tí wọ́n fi infilisimábù, oògùn mìíràn tí ń dá ìjà dúró, kún un.

Oṣù mẹ́ta ti kọjá tí mo ti gba oògùn náà kẹ́yìn. Kò lè jẹ́ òun ló ń fa ìgbẹ́ gbuuru yìí mọ́, àbí?

Ó lè jẹ́ òun. Ẹ sọ fún dókítà yòówù tí ó bá rí yín pé ẹ gbà á, kí ó má baà kà á sí ibà tàbí oúnjẹ. Bí ó bá jẹ́ àyà dídùn, èémí tí kò délẹ̀, tàbí òòyì pẹ̀lú àárẹ̀ tí kò ṣeé gbé, ẹ má kọ ìbéèrè sí mi. Ẹ lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì báyìí.