Káàdì Kánbáàn: Àṣìṣe tí Ó Wọ́pọ̀ nínú Kíka Iye Tí A Nílò

N kò kọ èyí fún ẹni tí kò mọ káàdì kánbáàn rí. Ẹ ti mọ̀ pé káàdì kan dúró fún àpótí kan, àti pé ẹni tí ó ń ṣe ẹ̀yà kò gbọdọ̀ ṣe é láìrí káàdì. Ohun tí ó ń bí mi nínú ni owó tí àwọn ilé iṣẹ́ ń ná sórí káàdì aláràbarà àti pátákó ìfikáàdìkọ́ kí ẹnikẹ́ni tó jókòó ṣírò iye káàdì tí iṣẹ́ náà ń fẹ́.

Àṣìṣe kìíní nìyẹn: fífi ojú díwọ̀n iye káàdì. Ìṣirò rẹ̀ kò le:

```
N = D × L × (1 + S) ÷ C
```

N ni iye káàdì. D ni iye ẹ̀yà tí láìnì ń lò ní wákàtí kan. L ni iye wákàtí tí káàdì fi ń rìn yípo. S ni ìdá tí a fi kún un nítorí àìmọ̀. C ni iye tí àpótí kan ń gbà. Bí èsì bá já sí ààbọ̀, ẹ gbé e sókè, nítorí kò sí ààbọ̀ káàdì.

Àṣìṣe kejì wà nínú L, èmi gan-an sì ni àpẹẹrẹ rẹ̀. Ní ilé iṣẹ́ kan tí a ti ń to fáànù, láìnì ń lo ìjókòó irin tí mọ́tò fáànù ń wà lórí rẹ̀, 60 ní wákàtí kan, ìyẹn ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, àpótí sì ń gba 40. Mo bi àwọn tí ó ń lo ẹ̀rọ ìtẹrin léèrè bí iṣẹ́ náà ṣe ń pẹ́ tó. Wọ́n ní pípààrọ̀ dáì, irin tí ó ń fún ẹ̀yà ní ìrísí, ń gba ìṣẹ́jú 20, títẹ 120 ń gba 30, gbígbé e lọ sí láìnì ń gba 10. Wákàtí kan gééré! Mo fi ìdá 10 nínú 100 kún 60, ó di 66. Mo pín in sí 40, ó lé díẹ̀ ní ààbọ̀ lórí 1. Mo sì fi ìgbéraga so káàdì 2 kọ́. Agogo 8 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Agogo 9 ààbọ̀ kò tíì lù tí láìnì fi dúró.

Ọ̀gá wa ní kí a so 20 kọ́ kí ara lè tu gbogbo wa. Ìjókòó 800 nìyẹn, ó lé ní iṣẹ́ wákàtí 13. Láìpẹ́, etí dáì kan kán, ihò kò bọ́ sí àyè rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n nítorí pé èyí tí ó dára pọ̀ níwájú, ọjọ́ kejì ni àkọ́kọ́ nínú àwọn tí ó bàjẹ́ tó dé ọwọ́ ẹni tí ó ń dè é. Àwọn oníirin àlòkù ni ó kó wọn lọ.

Nígbà náà ni mo ṣe ohun tí ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe: mo tẹ̀ lé káàdì kan, mo sì ń fi báírò kọ àkókò sí ẹ̀yìn rẹ̀. Káàdì náà sùn fún wákàtí 2 nínú àpótí ìkókáàdìsí, nítorí pé wákàtí méjì méjì ni ẹni tí ó ń kó wọn ń wá. Ó tún tò fún wákàtí kan lẹ́yìn káàdì àwọn ẹ̀yà mìíràn tí wọ́n jọ ń lo ẹ̀rọ kan náà. Lẹ́yìn èyí ni wákàtí kan tí wọ́n sọ fún mi tó bẹ̀rẹ̀. L jẹ́ wákàtí 4, kì í ṣe 1. Ìjókòó 240 pẹ̀lú ìdá 10 jẹ́ 264. Ẹ pín in sí 40, ó jẹ́ 6.6, ìyẹn káàdì 7. Ẹni tí ẹ bá bi léèrè yóò ka àkókò tí òun fi ṣiṣẹ́ fún yín. Kò sí ẹni tí yóò ka àkókò tí káàdì fi sùn.

Ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ yọ káàdì nígbà tí ó bá mú ẹyọ àkọ́kọ́, kì í ṣe nígbà tí àpótí bá ṣófo. Bí ó bá dúró di òfìfo, ìṣẹ́jú 40 ti wọ inú L, káàdì 7 yẹn yóò sì di 8.

Káàdì tí ó bá sọnù, àpótí kan ni ó bá a lọ. Ẹ máa kà wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀yà tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ má so káàdì mọ́ ọn rárá.

Àṣìṣe tí ó kù ni kí a rí 7, kí a sì fi í sílẹ̀ títí láé. Toyota, níbi tí Taiichi Ohno ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo káàdì yìí nínú ilé ẹ̀rọ ní 1953, máa ń yọ káàdì kúrò kí ìṣòro lè hàn síta. Àwa náà kọ́kọ́ dín pípààrọ̀ dáì kù sí ìṣẹ́jú 10, nípa kíkó irinṣẹ́ sílẹ̀ kí ẹ̀rọ tó dúró, kí a tó wá máa kó káàdì ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ pé kíkó káàdì ní wákàtí kọ̀ọ̀kan ni a kọ́kọ́ ṣe, pípààrọ̀ dáì nígbà mẹ́jọ lóòjọ́ dípò mẹ́rin ìbá jẹ àkókò tí ẹ̀rọ náà ní fún àwọn ẹ̀yà yòókù. L sọ̀ kalẹ̀ sí bí ìṣẹ́jú 160. Ìjókòó 160 pẹ̀lú ìdá 10 jẹ́ 176, tí a bá pín in sí 40, ó jẹ́ 4.4. Káàdì 5 ni ó wà lára pátákó báyìí. 2 tí a yọ wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, lábẹ́ kọ́kọ́rọ́, kí ọ̀gá wa má baà tún rí wọn so.