Ìdí tí ráàmù tuntun mi ò fi wọlé

Mo ra ráàmù DDR4 láti fi kún DDR3 tó wà nínú kọ̀ǹpútà mi, kò wọlé, mo yí i síbí yí i sọ́hùn-ún, ìgbà tí mo gbé méjèèjì síra wọn ni mo rí i pé ibi tí wọ́n gé lábẹ́ wọn ò bára mu. Ẹsẹ̀ 240 ni DDR3 ní, DDR4 ní 288, fóltì 1.5 ni DDR3 ń lò, 1.2 ni DDR4, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gé e yàtọ̀ ni kó má baà wọlé kó lọ jó. Ẹ má fi tipá tì í o! Kí n lè rí irú èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà mi dájú, mo wá tẹ èyí lórí Linux:

```
sudo dmidecode -t memory
```

Ó kọ `Type: DDR3`, mo dá DDR4 padà, mo gba DDR3, ó dún kọ́ lápá méjèèjì, ó tàn. Àwọn bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kan tiẹ̀ ní ihò oríṣi méjèèjì, àmọ́ ẹ ò lè lò wọ́n pọ̀.