Bí a ṣe fi páìpù bàbà àti họ́ọ̀sì wo ìyàtọ̀ ìṣàn àjọrìn àti ìṣàn àdojúkọ

Nínú ẹ̀kọ́ tẹmodainámíìkì ní sáà tó kọjá, olùkọ́ wa ní kí ẹni méjì-méjì fi ọwọ́ ara wọn ṣe apààrọ̀-ooru kékeré kan, kí wọ́n sì fi ìwọ̀n hàn bí ọ̀nà tí omi gbà ń ṣàn ṣe ń yí iye ooru tó ń kúrò lára omi gbígbóná bọ́ sára omi tútù padà. Bí omi méjèèjì bá gba ìpẹ̀kun kan náà wọlé, tí wọ́n sì jọ ń lọ, ìṣàn àjọrìn la pè é. Bí ọ̀kan bá ń bọ̀ láti ibi tí èkejì ń lọ, ìṣàn àdojúkọ ni. Ìwé ti sọ fún gbogbo wa pé àdojúkọ ló ń gbé ooru jù. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ènìyàn lè ṣe ẹ̀rọ náà kó dára, kó má sì rí ìyàtọ̀ kankan.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí wa nìyẹn. Ẹnìkejì mi àti èmi lọ sí Múṣín, a ra ìká páìpù bàbà kan tó gùn ní mítà 15, irú èyí tí àwọn tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe máa ń lò, tí ìbú rẹ̀ láti ìta jẹ́ mìlímítà 9.5. A gé mítà kan lára rẹ̀, a tì í bọ inú họ́ọ̀sì tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 19, kí omi gbígbóná lè gba inú bàbà, kí omi tútù sì gba àlàfo tó yí bàbà ká. A ṣí omi gan-an, bíi lítà 3 ní ìṣẹ́jú kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Omi gbígbóná wọlé ní díkírì 70, ó jáde ní 67. A yí ọ̀nà ìṣàn padà, ó tún jáde ní 67.

Nígbà tí mo jókòó rò ó, mo rí i pé kò sí bí kò ṣe ní rí bẹ́ẹ̀. Omi tútù wa wọlé ní díkírì 30, kò sì gbóná ju 33 lọ kó tó jáde, nítorí náà, níbikíbi tí omi gbígbóná bá dé nínú páìpù, omi tó tó 30 tàbí 33 náà ló ń bá pàdé, ìbáà jẹ́ àjọrìn tàbí àdojúkọ. Ọ̀nà ìṣàn kò lè já mọ́ nǹkan títí omi méjèèjì yóò fi yí padà púpọ̀ láàárín ẹnu àbáwọlé àti ẹnu àbájáde. A ní láti fa páìpù gùn, kí a sì dín omi kù.

Mítà 6 la lò lẹ́ẹ̀kejì. A kọ́kọ́ ti páìpù bàbà bọ inú họ́ọ̀sì ní nínà, lẹ́yìn náà la wá ká àwọn méjèèjì pọ̀ mọ́ ara sílíńdà gáàsì kan ní yàrá mi ní Bárígà, nítorí pé bàbà tí a bá dá ká lásán lè ṣẹ́ po, họ́ọ̀sì kò sì ní gbà á mọ́. Ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan, a fi ọrùn oníyà mẹ́ta kan sí i: bàbà gba àárín rẹ̀ kọjá tààrà, omi tútù sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Rọ́bà tí a gé lára tíúbù táyà la fi dí etí bàbà, a sì fi kílíìpù fún un pinpin. A fi ìrọ̀rí àtijọ́ wé gbogbo rẹ̀ kí ooru má baà sá sínú yàrá. Omi méjèèjì ń wá láti inú ike ọ̀dà tí a gbé sórí tábìlì gíga. A ń da omi híhó díẹ̀-díẹ̀ láti orí sítóòfù gáàsì sínú èyí tó gbóná, a sì ń rò ó kó lè dúró ní 70. A yí ẹnu tápù títí jọ́ọ̀gì fi ń gba mìlílítà 300 ní ìṣẹ́jú-àáyá 30 gẹ́lẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìyẹn lítà 0.6 ní ìṣẹ́jú kan.

Tẹmómítà mẹ́rin la lò. Kí a tó fi wọ́n sípò, a kó gbogbo wọn sínú kọ́ọ̀pù omi kan ṣoṣo, ọ̀kan sì ń sọ díkírì 1.5 ju àwọn mẹ́ta yòókù lọ. Mo dúpẹ́ pé a wò ó, nítorí pé ní ìṣàn àjọrìn, omi méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba níbi tí wọ́n ti ń jáde, àṣìṣe díkírì kan àbọ̀ níbẹ̀ sì tó láti da ìṣirò rú.

Ìṣirò tí a lò nìyí:

```
Q = m × c × ΔT
ΔTm = (ΔT1 − ΔT2) ÷ ln(ΔT1 ÷ ΔT2)
UA = Q ÷ ΔTm
```

Q ni ooru tí omi gbígbóná pàdánù ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, m ni ìwọ̀n omi tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, c ni ooru tí kílógíráàmù omi kan nílò kó tó fi díkírì kan gbóná sí i, ΔT sì ni iye díkírì tí omi gbígbóná fi tutù. ΔT1 àti ΔT2 ni ìyàtọ̀ ìgbóná láàárín omi méjèèjì ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan ìká náà, ΔTm sì ni agbedeméjì wọn. UA ń sọ bí ara páìpù ṣe ń jẹ́ kí ooru kọjá sí, kò sì yẹ kó yí padà púpọ̀ nítorí pé omi yí ọ̀nà padà, nígbà tó jẹ́ pé páìpù kan náà ni, omi sì ń sáré bákan náà.

Ní ìṣàn àjọrìn, omi gbígbóná lọ láti 70 sí 51.5, omi tútù lọ láti 30 sí 48. Q jẹ́ wáàtì 773, ΔTm jẹ́ 15, UA sì jẹ́ bíi 51.5. Nígbà tí a yí omi tútù padà kó lè di àdojúkọ, omi gbígbóná jáde ní 53, ìyẹn ni pé ooru tó kọjá kéré sí ti àjọrìn! Q bọ́ sí 711, UA já sí 31. Ẹnìkejì mi ti fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n UA yẹn kò jẹ́ kí n gbà. Páìpù tí a kò fọwọ́ kàn kò lè ṣàdédé burú tó bẹ́ẹ̀. Mo gbé etí mi sára họ́ọ̀sì, mo sì gbọ́ tí omi ń dún gbọ́lọ́gbọ́lọ́ ní àwọn ìká òkè. Omi tútù tó ń ti òkè wọlé ń ṣàn wálẹ̀ lórí ìsàlẹ̀ họ́ọ̀sì, afẹ́fẹ́ sì há sí apá òkè, nítorí náà omi kò bo bàbà tán.

Láti ìgbà náà, a fi omi tútù sílẹ̀ kó máa ti ìsàlẹ̀ wọlé, kó máa gba òkè jáde nígbà gbogbo kó lè ti afẹ́fẹ́ síta, omi gbígbóná nìkan la sì ń yí ọ̀nà rẹ̀ padà. Inú bàbà tóóró, omi ibẹ̀ yára tó láti gbá afẹ́fẹ́ lọ.

Èsì àdojúkọ wá jáde: omi gbígbóná láti 70 sí 47.5, omi tútù láti 30 sí 52. Q jẹ́ 940, ΔTm jẹ́ 17.75, UA sì jẹ́ 53, ó sún mọ́ ti àjọrìn pẹ́kípẹ́kí. Ooru tí omi tútù gbà fi bíi wáàtì 20 dín sí ti omi gbígbóná ní ìgbà méjèèjì. Èyí ló bá inú ìrọ̀rí jáde. Ṣùgbọ́n ohun tí mo tẹjú mọ́ jù ni pé omi tútù jáde ní 52, nígbà tí omi gbígbóná fúnra rẹ̀ jáde ní 47.5. Èyí kò lè ṣẹlẹ̀ láéláé ní àjọrìn, nítorí pé ibì kan náà ni wọ́n ti ń jáde níbẹ̀, èyí tó tutù kò sì lè gbóná ju èyí tó ń mú un gbóná lọ.

Nígbà tí a gbé iṣẹ́ náà lọ, olùkọ́ wa béèrè pé, “Bí ẹ bá fa páìpù yẹn dé mítà 12 ńkọ́?” Mo ní, “Ẹ̀yin sà, bí a bá yọ ti ooru tó ń sá kúrò, omi tútù ti àjọrìn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 50, ibẹ̀ ni yóò sì dúró sí, nítorí pé iye omi tó ń ṣàn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dọ́gba, 50 sì ni àárín 70 àti 30. Mítà 100 pàápàá kò lè gbé e kọjá ibẹ̀. Ti àdojúkọ yóò máa gòkè lọ, yóò dé bíi 58.” Wọ́n ní kí n kọ ìṣirò rẹ̀ sójú pátákó.