Ara Gbígbóná Nìkan Kọ́ Ni Ibà: Bí A Ṣe Ń Ṣe Àyẹ̀wò Kí A Tó Lo Oògùn

Ọ̀rọ̀ ẹnu wa gan-an ló ń ṣì wá lọ́nà. Ara gbígbóná, ibà là ń pè é. Àìsàn tí ẹ̀fọn ń kó ran èèyàn, ibà náà ni. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, láti Kàbà dé Ìsánlú, bí òtútù bá ti ń mú èèyàn tí ara sì ń ro ó, kẹ́míìsì ló ń yà sí. Bẹ́ẹ̀ òtútù àyà àti àwọn àìsàn mìíràn máa ń bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Bí gìrì bá mú aláìsàn, tí kò lè mu nǹkan, tó ń bì gbogbo ohun tó jẹ, tàbí tó ń sọ ìsọkúsọ, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí olùtọ́jú ìlera ṣe àyẹ̀wò pẹ̀lú ike pélébé tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ibà ẹ̀fọn. Kó wo ọjọ́ tí lílò rẹ̀ yóò parí lára páálí rẹ̀, kó má sì tú u títí ó fi fẹ́ lò ó, torí ọ̀rinrin máa ń bà á jẹ́. Yóò fi sípíríìtì nu ìka, yóò jẹ́ kó gbẹ, yóò wá gún ẹ̀gbẹ́ orí ìka náà. Ẹ̀jẹ̀ tó mọ níwọ̀n ni yóò kán sí ihò kékeré, omi tó bá ike náà wá sí ihò kejì, iye ẹ̀kán tí ìwé rẹ̀ bá sọ.

Ibi tí a ti ń ṣìṣe jù ni dídúró. Ọ̀pọ̀ ike yìí ń gba ìṣẹ́jú 15. Ẹ fi aago wò ó, ẹ má ṣe kà á kí àkókò tó pé, ẹ má sì tún padà wá kà á lẹ́yìn wákàtí kan. Bí ìlà bá yọ níwájú lẹ́tà C àti T tó wà lára ike náà, ibà wà níbẹ̀, kódà kí ìlà T rí fírífírí. Bó bá jẹ́ C nìkan, a kò rí ibà. Bí C kò bá yọ, ike náà ti bàjẹ́; òmíràn la ó lò.

Ìyá kan gbé ọmọ ọdún mẹ́ta rẹ̀ wá bá mi ní Kàbà. Ọmọ náà ń gbọ̀n, ó ní gbogbo ara ń dun òun. "Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣáà fún un lóògùn ibà." Àyẹ̀wò fi C nìkan hàn. Mo ká aṣọ ọmọ náà sókè, mo ka mímí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko: 52. Ní ọjọ́ orí rẹ̀, 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti yá jù. Òtútù àyà ni. Oògùn ibà ìbá ti gba ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ ọmọ náà lásán.

Bí ẹ bá ti lo oògùn ibà láàárín oṣù kan sẹ́yìn, ẹ sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ike yìí ṣì lè fi ìlà T hàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ibà ti lọ. Nígbà náà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fi máíkírósíkóòpù ṣe ló dára jù.