Bí mo ṣe fi ChromeOS Flex sórí àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ ilé ìwé wa

Kọ̀ǹpútà mẹ́rìnlá ló wà nínú yàrá kọ̀ǹpútà ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni, kò sì sí èyí tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá nínú wọn. Ọ̀kan ti kú pátápátá. Àwọn tó kù, tó o bá tàn wọ́n, o lè lọ pọn omi kó o tó padà wá bá wọn. Nígbà tí Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ọ̀nà Windows 11 náà ti dí mọ́ wa, torí ó ń béèrè TPM 2.0, ìyẹn ẹ̀yà ààbò kan inú ẹ̀rọ, kò sì sí i nínú ìkankan nínú wọn. Bí mo ṣe yà sọ́dọ̀ ChromeOS Flex nìyẹn: ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows ni, ọ̀fẹ́ ni, Google ló ṣe é, inú bùràúsà Chrome sì ni èèyàn ti ń ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun tó ń béèrè kò pọ̀: pùrósẹ́sọ̀ Intel tàbí AMD tó jẹ́ 64-bit, ráàmù gígábáìtì 4, àti àyè gígábáìtì 16 lórí dísìkì. Méjì nínú tiwa ní ráàmù gígábáìtì 2 péré, àmọ́ ihò ráàmù kejì ṣófo nínú wọn. Mo tú òkú ẹ̀rọ yẹn, mo yọ ráàmù méjèèjì inú rẹ̀, gígábáìtì 2 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irú ráàmù kan náà, DDR3, ni gbogbo wọn, torí náà wọ́n bá ihò mu.

Mo wá fláàṣì gígábáìtì 8 tí kò sí nǹkan gidi lórí rẹ̀, torí yóò parẹ́ ni. Lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, mo fi Chromebook Recovery Utility kún Chrome, mo yan Google ChromeOS Flex nínú àkójọ rẹ̀, mo sì ní sùúrù títí tó fi kọ ọ́ sórí fláàṣì tán. Tiwa, F12 ni mò ń tẹ̀ léraléra bí ẹ̀rọ bá ti ń jí, kí n lè sọ fún un pé orí fláàṣì ni kó ti gbéra. Bọ́tìnnì yìí kì í dọ́gba lórí gbogbo ẹ̀rọ.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí nìyí. Ó máa bi yín bóyá kó wọlé sórí dísìkì tàbí kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dán an wò. Ẹ dán an wò o! Tó bá ti wọlé, ohun gbogbo tó wà lórí dísìkì ti lọ nìyẹn, kò sì sí pé òun àti Windows á jọ máa gbé. Orí fláàṣì ni mo ti rí i pé ẹ̀rọ Wáì-Fáì kékeré tí a kì bọ ihò USB ọ̀kan nínú wọn kò jí rárá. Wáyà ni mo fi so kọ̀ǹpútà yẹn mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo tún dán ohùn wò, mo ṣí fídíò kan. Ó máa ń falẹ̀ díẹ̀ lórí fláàṣì, kíyẹn má dẹ́rù bà yín.

Nígbà tí mo wá ń fi Flex sórí dísìkì ẹ̀rọ kan, iṣẹ́ dúró sí agbede méjì, ó tún dúró nígbà kejì. Mo gbé etí sún mọ́ ọn, dísìkì ń dún kọ́-kọ́-kọ́. Dísìkì ti ń kú lọ nìyẹn. Òkú ẹ̀rọ wa ló tún gbà wá: dísìkì tirẹ̀ ṣì dára.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mẹ́jọ nínú wọn dúró sójú dúdú, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Time-of-day not set", kí a tẹ F1. Àyà mi já. Mo rò pé Flex ló fà á. Ọmọ kan ló ní, "Sà, a ti máa ń tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀." Kò sẹ́ni tó sọ fún mi! Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń yọ kí àmì Chrome tó jáde, torí náà ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Bátìrì róbótó bí owó ẹyọ, CR2032, tó ń pa aago mọ́ bí iná bá lọ, ló ti tán. Mo yọ wáyà iná, mo pààrọ̀ rẹ̀, ojú tó ní àmì + wà lókè, mo sì tún ọjọ́ àti aago ṣe nínú BIOS, ètò ìpìlẹ̀ inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. F1 ò jáde mọ́.

"Browse as Guest" làwọn ọmọ ń lò: bí wọ́n bá ti jáde, gbogbo ohun tí wọ́n ṣe á pòórá, àfi èyí tí wọ́n bá ti tọ́jú sórí íńtánẹ́ẹ̀tì tàbí fláàṣì. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá lọ, iṣẹ́ ọjọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Méjìlá ni mo yí padà. Ìkẹtàlá ṣì wà lórí Windows, torí olùkọ́ kan bẹ̀ mí pé: "Ẹ jọ̀ọ́, CD tí mo fi ń kọ́ wọn ní títẹ̀wé ńkọ́?" Flex kì í ṣètìlẹ́yìn fún ihò CD, kò sì lè ṣí ètò Windows. Mo yọ wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì ìyẹn, mo sì gbé e sí igun tirẹ̀.