Bí a ṣe ń ṣírò iye tí ìpín yóò jẹ́ lẹ́yìn ráìtì, àti iye tí ẹ̀tọ́ kan tó

Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà pàṣẹ pé kí àwọn báńkì fi kún owó ìdókòwò wọn, ó sì fún wọn títí di ìparí oṣù Kẹta 2026. Àwọn kan nínú wọn yíjú sí àwọn tó ti ní ìpín wọn lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Access Holdings, fún àpẹẹrẹ, ní kí ẹni tó bá ní ìpín 2 wá ra tuntun 1 ní ₦19.75. Ohun tí wọ́n ń pè ní ráìtì nìyẹn.

Bí ìwé ráìtì bá dé ọwọ́ èèyàn, ohun méjì ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan á ní ìpolówó ọjà lásán ni, á jù ú sínú dúróà. Ẹlòmíràn á ní, "Ìpín tó ń lọ ní ₦20, wọ́n ń tà á fún wa ní ₦15, ọ̀fẹ́ ₦5 nìyẹn!" Àwọn méjèèjì kò tíì ṣírò.

Ẹ jẹ́ ká mú màmá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní Ìjàpọ̀ ní Àkúrẹ́. Ó ní ìpín 3,000 nínú ilé iṣẹ́ kan. Ìpín náà ń lọ ní ₦20 ní ọjọ́ tó kẹ́yìn tí ẹ̀tọ́ láti ra tuntun ṣì wà lára rẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà ń ta tuntun 1 fún 4 ní ₦15. Ẹ mú bírò.

Ìgbésẹ̀ kìíní ni pé kí ẹ kó ìpín àtijọ́ àti tuntun pọ̀ bí ìwé ṣe pín wọn. Mẹ́rin àtijọ́ ní ₦20 jẹ́ ₦80. Ọ̀kan tuntun mú ₦15 wá. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦95, ìpín márùn-ún ló sì máa pín owó yẹn láàárín ara wọn:

```
(4 × 20 + 1 × 15) ÷ (4 + 1) = 95 ÷ 5 = 19
```

₦19 yìí ni iye ìṣirò ìpín kan lẹ́yìn tí ẹ̀tọ́ bá ti kúrò lára rẹ̀. Bí èèyàn bá da omi tútù sínú ọbẹ̀, ọbẹ̀ á pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ á dín kù nínú ṣíbí kọ̀ọ̀kan. Bí ₦20 ṣe di ₦19 nìyẹn. Kò sẹ́ni tó jí náírà kan náà lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni nígbà tí ìwé bá kọ 2 fún 5 dípò 1 fún nǹkan. Tuntun méjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ kà, kì í ṣe ọ̀kan. Ní iye kan náà, á jẹ́ ₦100 àti ₦30, tí a ó pín sí 7, á sì fún wa ní ₦18.57. Ẹni tó bá gbàgbé tuntun kejì á pín ₦115 sí 6, á rí ₦19.17, á sì rò pé òun ti ṣe é dáadáa.

Ìgbésẹ̀ kejì ni iye ẹ̀tọ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀tọ́ lè san ₦15 fún ohun tí yóò tó ₦19, nítorí náà ẹ̀tọ́ láti ra tuntun kan tó ₦4. Kì í ṣe ₦5 tí wọ́n ń pariwo. Ẹ̀tọ́ láti ra tuntun kan yìí ni alágbàtà máa ń bá èèyàn tà lórí ọjà ìpín. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó so mọ́ ìpín àtijọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ pín ₦4 sí 4, ó jẹ́ ₦1. Ìpín àtijọ́ náà ti lọ láti ₦20 sí ₦19, ìyẹn ₦1 kan náà. Bí méjèèjì kò bá bá ara wọn mu lọ́wọ́ yín, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kìíní, ibẹ̀ ni àṣìṣe wà.

Wàyí o, kí ni kí màmá ṣe? Ẹ̀tọ́ rẹ̀ jẹ́ 3,000 tí a pín sí 4, ìyẹn 750. Kí ráìtì tó dé, ìpín rẹ̀ jẹ́ ₦60,000.

Bí ó bá ra gbogbo rẹ̀, á san ₦11,250, á sì ní ìpín 3,750 ní ₦19, tó jẹ́ ₦71,250. Yọ owó tó san kúrò, ó ku ₦60,000. Bí kò bá ní owó, tó ta ẹ̀tọ́ 750 ní ₦4, á gba ₦3,000, ìpín rẹ̀ á sì jẹ́ ₦57,000. Ẹ rò ó pọ̀: ₦60,000 náà ni. Ẹni tó rà kò jèrè ju ẹni tó tà lọ.

Ẹni tó ju ìwé sínú dúróà ni ọ̀ràn kàn. Ìpín rẹ̀ á di ₦57,000 bákan náà, ṣùgbọ́n ₦3,000 kò wọlé. Níbo ló lọ? Ẹ wo fọ́ọ̀mù ráìtì dáadáa: àyè wà níbẹ̀ láti béèrè ju ohun tó tọ́ sí èèyàn lọ. Ìpín tí ẹnì kan kò bá gbà, àwọn tó béèrè àfikún ni wọ́n sábà máa ń pín in fún. ₦3,000 màmá ti di ti onílé mìíràn.

Ọ̀nà kan tún wà tí mo fẹ́ràn fún ẹni tí kò fẹ́ yọ owó lápò: kí ó ta díẹ̀ nínú ẹ̀tọ́, kí ó fi owó rẹ̀ ra ìyókù. Iye tuntun tó lè rà ni iye gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ tí a pín sí iye ìṣirò:

```
(750 × 4) ÷ 19 = 157.89
```

Á ra 157, á sì ta 593. Ẹ̀tọ́ 593 ní ₦4 jẹ́ ₦2,372. Ìpín 157 ní ₦15 jẹ́ ₦2,355. Ṣéńjì ₦17 kù. Ìpín 3,157 ní ₦19 jẹ́ ₦59,983, fi ₦17 kún un, ₦60,000 tún dé. Ẹ rántí pé owó alágbàtà kò sí nínú ìṣirò yìí, ó sì lè jẹ nǹkan díẹ̀ nínú rẹ̀.

₦19 jẹ́ ìṣirò o, kì í ṣe ìlérí. Ó rò pé gbogbo ẹ̀tọ́ ni wọ́n máa gbà, àti pé owó tuntun á ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́wọ́ ilé iṣẹ́. Ọjà lè fẹ́ràn ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó náà ṣe, kí ìpín lọ ju ₦19. Ó sì lè kórìíra rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ̀tọ́ bá ti kúrò lára ìpín, ẹ má tún fi iye ọjà tuntun sínú ìṣirò àkọ́kọ́, torí ẹ máa yọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹ kàn yọ ₦15 kúrò nínú iye ọjà. Bí ìpín bá ń lọ ní ₦18, ẹ̀tọ́ tó nǹkan bíi ₦3. Ẹni tó bá fún màmá ní ₦1.50 fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ ni.

Bí ó bá sì wá já sí ₦14.50 nígbà tí ọjọ́ ìparí ń sún mọ́lé, ẹ̀tọ́ náà ti di òfo. Kò sí ìdí láti san ₦15 fún ohun tí alágbàtà lè rà ní ₦14.50 lórí ọjà. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ nìkan ni dúróà kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.