Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá fi owó ránṣẹ́ sí báǹkì míì, ẹ má tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì!

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Kò sí ọjọ́ tí ẹnì kan ò ní sáré wọ ṣọ́ọ̀bù mi, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti yọ owó mi, kò dé ibi tí mo fi sí," tí n bá gba fóònù ẹ̀ wò, ó ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

1. Tó bá ṣì ń sọ "Pending", má tún un fi ránṣẹ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé: báǹkì tìẹ á kọ́kọ́ yọ owó nínú àkáǹtì ẹ, á ránṣẹ́ sí NIBSS, iléeṣẹ́ tó so àwọn báǹkì pọ̀, NIBSS á jẹ́ ẹ fún báǹkì kejì, ìyẹn á kọ owó sí àkáǹtì oníǹkan, á wá dáhùn pé ó ti wọlé, ìdáhùn yẹn á tún gba ọ̀dọ̀ NIBSS padà wá. Tí gbogbo nǹkan bá lọ dáadáa, kò pé ìṣẹ́jú kan. Àmọ́ tí nẹ́tíwọọ̀kì báǹkì kejì bá ń ṣe ségesège, ìdáhùn lè sọnù sọ́nà. Báǹkì tìẹ ò wá mọ̀ bóyá owó wọlé àbí kò wọlé. Kò lè kàn dá a padà fún ẹ, torí tí ẹni yẹn bá ti gbà á ńkọ́, ta ló máa san án? Ó ní láti wádìí ná, ìwádìí yẹn ló ń jẹ ọjọ́.

Èmi náà ti gọ̀ rí o. Mo fi 45,000 náírà ránṣẹ́ sí ìyá tó ń tà mí ní ṣúgà, "Pending", mo tún tẹ̀ ẹ́, mo tún tẹ̀ ẹ́ ṣìkẹta, ọwọ́ ń yún mi. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, 135,000 ti wọlé fún màmá. Wọ́n ní àwọn ti fi ra ọjà. Ṣúgà ni mo fi gba èyí tó kù títí ó fi sú mi láti rí ṣúgà.

2. Má fi wé owó tó lọ láti àkáǹtì kan sí òmíràn nínú báǹkì kan náà, ìyẹn ò kúrò nílé.

3. Má máa sọ pé "owó wà lọ́nà." Owó wo? Ìròyìn ló ń rìn. Àwọn báǹkì á ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ṣírò láàárín ara wọn tó bá yá. Ká ní àwọn oníbàárà báǹkì A fi mílíọ̀nù 500 ránṣẹ́ sí B, tí ti B náà fi 470 ránṣẹ́ sí A, mílíọ̀nù 30 péré ni wọ́n máa yọ fún B nínú àkáǹtì tí A ní lọ́dọ̀ báǹkì àpapọ̀. Ìṣirò yẹn kọ́ ló dá tìẹ dúró.

Àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbé fọ́tò àlẹ́ẹ̀tì lọ bá báǹkì, Session ID ni kẹ́ ẹ mú lọ, nọ́ńbà 30 tó wà lórí rìsíìtì, òun ni báǹkì méjèèjì fi ń wá a. Báǹkì tó yọ owó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bá o.

Lánàá, bọ̀dá kan jókòó tì mí fún wákàtí méjì, ó ń retí àlẹ́ẹ̀tì. Mo ní kó yẹ iye tó wà nínú àkáǹtì ẹ̀ wò. Owó ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀.